Abẹ́là kan tó jáde síta bándì kò tíì jẹ́rìí ohunkóhun

Bándì Bọ́línjà ni ìlà méjì tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ìlà àárín, ìyẹn ìpíndọ́gba iye ọjà, lórí àtẹ; abẹ́là sì ni àmì tó ń fi ìrìn iye ọjà hàn láàárín àkókò kan. Ọ̀pọ̀ tírédà gbà pé bí bándì náà bá ti fún pọ̀, abẹ́là àkọ́kọ́ tó bá parí síta ni ìjádé tòótọ́. Wọ́n ní bándì jìnnà sí ìlà àárín ní ìlọ́po méjì ìyapa òṣùwọ̀n, nítorí náà ohun tó bá kọjá rẹ̀ ti lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú iye ìparí abẹ́là 20 tó kẹ́yìn ni wọ́n ti ń ṣírò ìyapa náà, tó ń sọ bí àwọn iye wọ̀nyẹn ṣe jìnnà sí àárín tó. Bí ọjà bá ti dákẹ́, ìyapa á kéré, ìṣísẹ̀ díẹ̀ á sì ti bọ́ síta. Ìgbà tí bándì fún jù ló rọrùn jù láti jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọjà ń parí sí 99.5, tó tún ń parí sí 100.5, bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà 20. Àárín jẹ́ 100, ìyapa jẹ́ 0.5, bándì wà ní 99 àti 101.

```
BandWidth = (Upper - Lower) / Middle * 100
```

Ìyẹn jẹ́ 2. Abẹ́là tuntun wá parí sí 101.6, 99.5 tó pẹ́ jù sì kúrò nínú ìṣirò. Bándì òkè di 101.30, ti ìsàlẹ̀ di 98.91, fífẹ̀ rẹ̀ di 2.38. Ó ti jáde, bándì méjèèjì sì ti ya ẹnu. Ṣùgbọ́n abẹ́là kan ṣoṣo ló ya á, ìṣirò lásán ni.

Abẹ́là kejì ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá parí sí 102.2, bándì ìsàlẹ̀ á tún sọ̀kalẹ̀ sí 98.69, fífẹ̀ á di 2.98, iye ọjà á sì ṣì wà lókè bándì. Bó bá padà sí 100.4, bándì ìsàlẹ̀ á dúró sí nǹkan bíi 98.91, fífẹ̀ kò sì ní pọ̀ sí i mọ́. Ẹ̀tàn nìyẹn, Jọ́ọ̀nù Bọ́línjà tó dá bándì yìí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ má wo bándì ìsàlẹ̀ nìkan o: bí ọjà bá já lulẹ̀ kíkankíkan, ìyapa á tún pọ̀ sí i, bándì náà á sì máa sọ̀kalẹ̀. Ẹ rí i pé iye ọjà ṣì di òkè mú.

Ọ̀rọ̀ rírìn lẹ́bàá bándì yàtọ̀. Níbẹ̀, ọjà ti ń gòkè tipẹ́, ó ń fọwọ́ kan bándì òkè léraléra, ìlà àárín náà sì ń gòkè tẹ̀ lé e. Àwọn iye ìgbà ìdákẹ́jẹ́ ti jáde kúrò nínú abẹ́là 20 náà, ìyapa ò pọ̀ sí i mọ́, ni bándì ìsàlẹ̀ bá yí padà sókè. Ẹni tó bá pe ìfọwọ́kàn yẹn ní ìjádé tuntun ti pẹ́ wọlé. Ẹni tó sì tà torí pé ọjà kan bándì ń bá ọjà tó ṣì ń gòkè jà, torí kíkan bándì nìkan kò sọ pé ọjà fẹ́ yí padà.