Iná pupa tàn, síkírínì dúdú: ta ló sọ pé bọ́ọ̀dù ti jóná?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Lánàá ni àbúrò kan tún gbé Rásíbẹ́rì Páì 3B, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, wá bá mi nínú ọ̀rá, ó ní ẹni tó ń bá òun tún nǹkan ṣe ti sọ pé ó ti jóná, kóun lọ ra òmíràn. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀? Ó ní iná pupa tàn lóòótọ́, àmọ́ síkírínì dúdú bíi kóró iṣin. Gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe náà nìyẹn!

Ẹ jọ̀ọ́, Páì 3B kì í ṣe láptọ́ọ̀pù. Láptọ́ọ̀pù, kódà kí háàdì díìsì ẹ̀ ti kú, á ṣì gbé nǹkan kan jáde sójú síkírínì. Páì 3B ò ní irú ẹ̀. Kóòdù bíńtín kan ló wà nínú ṣíìpù ẹ̀ látilẹ̀, iṣẹ́ tíyẹn sì máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kó lọ wá fáìlì `bootcode.bin` lórí mẹ́mórì káàdì, ìyẹn á wá pe `start.elf`, ìgbà tí `start.elf` bá dìde ni ẹ tó máa rí àwọ̀ òṣùmàrè lójú síkírínì, lẹ́yìn ìyẹn ni Línọ́ọ̀sì tó wọlé. Bí káàdì bá ti bàjẹ́ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sóhun tó máa hàn rárá. Ẹ mú Páì 3B tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, ẹ má fi káàdì sí i, kẹ́ ẹ tàn án: iná pupa, síkírínì dúdú. Ṣé òun náà ti jóná ni?

Iná kejì ló yẹ kẹ́ ẹ máa wò, èyí tó ní àwọ̀ ewé. Bó bá ń ṣẹ́jú wúruwùru, káàdì ló ń kà. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin, tó dánu dúró, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin, kò rí `start.elf` nìyẹn, bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀méje, kò rí kẹ́nẹ̀lì, ọkàn Línọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀dù tó ti kú kì í ka ení, èjì.

Ti àbúrò yìí ò tiẹ̀ ṣẹ́jú rárá. Mo bi í léèrè, ó ní àwọn ò kì í pa á, NẸ́PÀ ló máa ń bá àwọn pa á. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ó ń kọ nǹkan sórí káàdì lọ́wọ́, iná lọ, ibi tó ń kọ bàjẹ́. Mo kó sísítẹ̀mù tuntun sórí káàdì mìíràn, mo tì í bọ̀ ọ́, òṣùmàrè yọ. Inú ẹ̀ ń dùn, èmi ò tíì dáhùn, torí kò pẹ́ tí àmì mànàmáná fi yọ lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, bọ́ọ̀dù tún ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kó tó tún kú, mo sáré tẹ èyí:

```
vcgencmd get_throttled
throttled=0x50005
```

5 tó gbẹ̀yìn yẹn ń sọ pé iná ò tó nísinsìnyí, 5 ti iwájú ní ó ti ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti tàn án. Mo fi mítà wọn pínnì 2, ibi tó yẹ kí fóòtì 5 wà, sí pínnì 6, ìyẹn gíráǹdì: fóòtì 4.52. Bó bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bíi 4.63 lọ ni Páì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo fi ṣájà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, wáyà nìkan ni mo pààrọ̀, ó di 4.97, àṣẹ yẹn sì dá mi lóhùn pé `0x0`. Wáyà tín-ín-rín tó gùn tó mítà kan lè jẹ nǹkan bí ìdajì fóòtì nígbà tí áǹpù kan péré bá ń gbà á kọjá.

Ẹ má sọ fún mi pé ṣájà yẹn àti wáyà ẹ̀ ń ṣáájì fóònù yín. Fóònù ní bátìrì, ohun tó bá rí ló máa gbà, á kàn pẹ́ kó tó kún ni. Páì ò ní bátìrì kankan. Ẹni tó ní ti òun jẹ́ wáàtì 65, ìgbà tó bá ń gbé 20 fóòtì jáde nìyẹn, fóòtì 5 ni Páì ń lò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ nípa 5: áǹpù 2.5 ni 3B ń fẹ́, áǹpù 3 ni Páì 4.

Ó dáa, bọ́ọ̀dù máa ń jóná nígbà míì, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó ki fóòtì 5 bọ pínnì tí ò gbà ju 3.3 lọ. Ẹ wọn pínnì 1 sí 6, bí 3.3 ò bá sí níbẹ̀ tí 5 sì wà lórí pínnì 2, mo gbà fún yín. Ti àbúrò yìí, 3.3 géérégé.

Ó ti san àsansílẹ̀ fún bọ́ọ̀dù mìíràn, ẹni tó fẹ́ tà á fún un ò sì fẹ́ dá owó padà. Wáyà yẹn, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e sí méjì lójú ẹ̀, bàbà inú ẹ̀ ò nípọn ju irun orí mélòó kan lọ.