Ráìmù tó mú gbèsè wọnú orin tí kò jẹ gbèsè

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó kọ́kọ́ kà á tán ná.

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọrin ló gbé ègbè kan wá, ìlà mẹ́rin péré, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi túmọ̀ ẹ̀ sí Òyìnbó, mo fẹ́ máa kọ ọ́ ní Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì kí n sì kọ ọ́ ní Òyìnbó lẹ́ẹ̀kan kí orin tó parí." Ègbè náà nìyí:

Ẹrù wà lórí mi, ẹ̀rù ò bà mí o,
Ọ̀nà jìn lóòótọ́, mi ò ní padà,
Orí tó gbé e, òun ló máa sọ̀ ọ́,
Orí mi, má sùn o, ilé ò jìn mọ́ o.

Mo kà á, mo ní kékeré nìyí, ìlà mẹ́rin ni mo máa wá fi gbogbo alẹ́ ṣe? Àṣé ìlà mẹ́rin yẹn ló máa fi gbogbo ọ̀sẹ̀ jẹ mí níyà.

Kí n tó ṣe nǹkan kan, òun fúnra ẹ̀ ti gbìyànjú ẹ̀, ó sì ti rí ráìmù, inú ẹ̀ dùn dẹ́yìn. Ohun tó kọ rèé:

There's a load on my head but I'm not afraid,
The road is long but my debts are paid,
The head that lifts will never fall,
My soul, stay up and hear the call.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sétí ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá, ó dùn, mi ò ní parọ́. Àmọ́ mo bi í pé "gbèsè ta lo san?" Ó dákẹ́. Mo ní nínú Yorùbá tó o kọ, ta ló jẹ gbèsè, ta ló ṣubú, ta sì ló ń pe ẹnikẹ́ni? Kò séèyàn kankan. Ráìmù ló gbé gbogbo wọn wọlé. "Afraid" ló ń wá ẹnìkejì, "paid" ló sì sún mọ́ ọn jù, bí gbèsè ṣe wọnú orin tí kò jẹ gbèsè nìyẹn. "Fall" náà ń wá tiẹ̀, "call" yọjú.

Ọ̀nà kan wà téèyàn fi lè mú irú nǹkan báyìí, kò sì le rárá. Ẹ gbé Òyìnbó yẹn fún ẹni tí kò gbọ́ orin náà rí, kẹ́ ẹ ní kó túmọ̀ ẹ̀ padà sí Yorùbá fún yín. Mo fi ṣe ìyàwó mi lálejò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé "mo ti san gbogbo gbèsè mi," ó tún wá bi mí pé ṣé orin ìdúpẹ́ ni. Orin ẹni tó ṣì wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù ló di orin ìdúpẹ́, ẹ gbọ́ ná!

Mo wá ní kí n ṣe tèmi, mo sì sáré lọ sí apá kejì pátápátá, mo túmọ̀ ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan. Ìlà kẹta di "The head that carried it is the one that will put it down." Ìtumọ̀ ẹ̀ pé, kò sí ohun tó sọnù. Àmọ́ ẹ kà á. Gbogbo ìlà tí ọmọ yẹn kọ ní Yorùbá, sílébù méjìlá méjìlá ni wọ́n, ẹ fìka kà á tẹ́ ẹ bá fẹ́. Tèmi yìí jẹ́ mẹ́rìnlá. Ó gbìyànjú láti kọ ọ́, ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, nígbà tó máa dé "put it down" ìlù ti lọ sílé.

Ibi tí mo ti wá jókòó ronú nìyẹn, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an sì nìyí: ráìmù kọ́ ni ìṣòro, ìtumọ̀ gangan náà kọ́. Ibi tá a ń fi ráìmù sí ni kò da. Gbogbo wa ti gbà pé ìparí ìlà ni ráìmù ń gbé torí bí Òyìnbó ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn. Ní Yorùbá, fáwẹ́lì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa fi ń parí, bóyá ó ránmú tàbí kò ránmú, àwọn tí kò ránmú ò sì ju méje lọ, torí náà kéèyàn fi fáwẹ́lì kan náà parí ìlà méjì, ọmọdé lè ṣe é láàárín oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ohùn ni tiwa. Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ yẹn dáadáa: ẹrù, ẹ̀rù. Lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n, ọ̀kan jẹ́ re dò, èkejì jẹ́ dò dò. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ ìlà yẹn rẹ́rìn-ín músẹ́ nìyẹn, àárín ìlà ló sì wà, kò sí ní ìparí.

Nígbà náà ni mo bi ara mi pé kí ló dé tí mi ò fi ráìmù ti Òyìnbó síbi tí eré ọ̀rọ̀ ti Yorùbá wà? "Load" àti "fear" ò jọra níbì kankan, mo wá a títí. Àmọ́ "head" wà nínú ìlà yẹn tẹ́lẹ̀, mi ò gbé e wá látìta, "dread" sì jẹ́ ẹ̀rù, òun náà wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí:

A load on my head, oh, but in me no dread, oh,

Sílébù méjìlá. Nígbà tó kọ ọ́ sórí ohùn orin ẹ̀, nǹkan tí mi ò pète ṣẹlẹ̀. "Head" bọ́ sórí "rí" nínú "lórí," "dread" bọ́ sórí "mí" nínú "bà mí," ohùn òkè ni àwọn méjèèjì, mí àti mí. Ráìmù méjèèjì wá dúró lórí nóòtì kan náà. Mo pariwo nínú yàrá. Eré ẹrù àti ẹ̀rù ti kú lóòótọ́, mi ò lè jí i, àmọ́ nǹkan míì ń ṣeré síbi tó ti ń ṣeré.

Ìlà kejì ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ míì. Mo kọ́kọ́ kọ "The road goes far, it's true, but I won't turn around," ó pé méjìlá, mo ti ń yọ̀. Ó kọ ọ́, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ń dún burúkú níbẹ̀." Òótọ́ ni. Ẹ rí i, ìdajì àkọ́kọ́ ìlà yẹn ní Yorùbá jẹ́ sílébù méje, ìkejì jẹ́ márùn-ún, èmi sì pín tèmi sí mẹ́fà mẹ́fà, torí náà "but" ló lọ gun orí "tọ́" inú "lóòótọ́," nóòtì tó ga jù, tí gbogbo etí ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ kékeré tí kò níṣẹ́ kankan lórí ìtẹ́ ọba! Mo yọ "but," mo fi "no" síbẹ̀. "The road goes far, it's true, no, I won't turn around." "No" yẹn lè dúró lókè dáadáa torí ẹni tó kọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, "I won't turn around" sì wá gba sílébù márùn-ún "mi ò ní padà" láìṣẹ́kù. Mo mọ̀ pé "padà" ju kéèyàn kàn yíjú sẹ́yìn lọ, ó jẹ́ kéèyàn gba ilé lọ. Mo san ìyẹn, torí "around" máa bá "down" ìlà tó tẹ̀ lé e mu, kò sì béèrè pé kí n mú àlejò wọlé.

(Àwọn tó ń túmọ̀ orin ìsìn láyé àtijọ́ jẹ irú ìyà yìí ní òdìkejì ẹ̀: ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí ohùn orin Òyìnbó, tí ohùn orin sì ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, kí ìtumọ̀ tó dé etí ó ti yí padà. Ẹkúndayọ̀ Phillips tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ l'Ékòó kọ ìwé tó dá lórí irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1953, kì í ṣe èmi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.)

Ìlà kẹta rọrùn lẹ́yìn ìyẹn: "The head that took it, that's the one to set it down." Márùn-ún, lẹ́yìn náà méje, bíi ti Yorùbá gẹ́lẹ́. "Òun ló" yẹn ni mi ò fẹ́ kó sọnù, torí pé orí gan-an ni ìlà náà ń tọ́ka sí, pé òun ni, kì í ṣe ẹlòmíì, "that's the one" sì ṣe é. "Took it" ò lágbára tó "gbé e," mo gbà.

Ó ku orí. Ibẹ̀ la ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Nínú Yorùbá, orí tó ru ẹrù ní ìlà àkọ́kọ́ àti orí tá a ń bẹ̀ ní ìlà ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ kan náà ni, orí òde àti orí inú, kò sì sẹ́ni tó nílò àlàyé. Òun ti fi "soul" síbẹ̀. Mo ní rárá, ọkàn nìyẹn, ọkàn ò ru ẹrù. Ó ní "fate" ńkọ́? Mo ní ṣé o ti rí ẹni tó ń bẹ "fate" rí, tó ń sọ fún un pé má sùn? Kò létí. Èèyàn ń bọ orí, èèyàn ń bá orí ẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀. "My head, don't sleep" ńkọ́? Ìyẹn, bí ẹni tí oorun ń kùn lójú iṣẹ́ ló máa dún. Mo ní ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà:

Orí mi, don't sleep, oh, home is not far now, oh.

Ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá ò ní mọ̀ pé "head" òkè ni "Orí" ìsàlẹ̀, ìyẹn dùn mí díẹ̀. Àmọ́ ìdajì kejì ìlà yẹn, ẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí mi: ò ni "not," jìn ni "far," mọ́ ni "now," ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí nóòtì ti ẹ̀, "far" sì tún padà wá láti ìlà kejì bí "jìn" ṣe padà wá. Ìtumọ̀ gangan ló sì ṣe é fúnra ẹ̀, mi ò fọwọ́ kan ráìmù kankan níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ fídíò lásán ni wọ́n máa kọ ọ́ sí, kẹ́nì kan má kọ ọ́ lórin, mi ò bá lo ìlà oní-sílébù mẹ́rìnlá mi yẹn láìronú. Ẹni tó ń ka ìtumọ̀ ti ń gbọ́ ohùn Yorùbá lọ́wọ́, kí ló tún fẹ́ fi ráìmù ṣe?

Ó ti kọ ọ́ ní sítúdíò báyìí. Àná ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé "oh" tí mo kọ yẹn ń dà á láàmú, pé létí Òyìnbó bí ẹni tó ń kẹ́dùn ló ń dún, bẹ́ẹ̀ "o" tiwa ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ni. Mo ní kó pè é bó ṣe máa ń pe "o" nílé. Ó ní ẹni tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀ ti dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹta pé kó tún un pè.