Ara Ti Padà, Gíga Kò Tíì Padà

Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ebi ti hàn léèmọ̀, ọjọ́ tí ọmọ bá ti sanra tó bí ìlànà ṣe wí ni wọ́n máa ń ní kó máa lọ sílé. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ara rẹ̀ ti yá, wọ́n á sì pa fáìlì rẹ̀ dé. Èrò tiwa ni pé kò tíì yẹ kí wọ́n pa á dé. Ẹran ara ló padà lọ́jọ́ yẹn. Egungun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin ọlọ́dún méjì kan. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 80, ó sì wọn kìlógíráàmù 8 péré. Àwọn tó mọṣẹ́ kò ní sáré rọ oúnjẹ sí i lẹ́nu, nítorí pé ara tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ lè dàrú bí oúnjẹ bá ya lù ú lójijì, ọkàn rẹ̀ sì lè dá. Mílíìkì tí kò lágbára púpọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un, díẹ̀díẹ̀, tọ̀sántòru, fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí ojú rẹ̀ bá ti wálẹ̀, tí ó sì ń bèèrè oúnjẹ fúnra rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó lágbára. Ìgbà yẹn ni ìyanu máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó ń jẹun dáadáa lè fi gíráàmù 10 kún ara lójúmọ́ lórí kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tó wọn. Tọmọ tiwa yìí jẹ́ gíráàmù 80 lójúmọ́, nígbà tí ọmọ ọlọ́dún méjì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kì í ju nǹkan bíi gíráàmù 7 lọ. Bí kò bá tó gíráàmù 5 lórí kìlógíráàmù kan, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fura: bóyá ikọ́ ife ló fara pamọ́ sínú rẹ̀, bóyá ọmọ mìíràn ló ń bá a jẹ oúnjẹ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ọmọ wa á ti tó kìlógíráàmù 10. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á ti kún, ìyá rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ohun kan tún máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹni tí kò bá dúró tì í kò ní rí. Ọmọ tó ń fa ife mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ife sẹ́yìn. Àwọn olùwádìí tó tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Jàmáíkà kíyè sí i ní nǹkan bí ọdún 1969 pé bí ìwọ̀n ọmọ bá ti bá gíga rẹ̀ mu, ìjẹun rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ lójijì. Gíga tó ní lọ́jọ́ yẹn ni ara fi ń wọn ara rẹ̀, kì í ṣe gíga tó yẹ kó ní. Ara fúnra rẹ̀ gbà pé iṣẹ́ ti parí, ilé ìtọ́jú náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Sẹ̀ntímítà 80 yẹn ńkọ́? Àárín gbùngbùn gíga ọmọkùnrin ọlọ́dún méjì nínú àtẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́ 87. Ó ku sẹ̀ntímítà méje, oṣù kan péré kò sì lè mú un wá.

A kò sọ pé kò lè wá o. Láti ọdún 1963 tí àwọn olùwádìí Prader, Tanner àti von Harnack ti kọ nípa rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé ọmọ tí àìsàn tàbí ebi bá dá dúró lè sáré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ìdènà bá kúrò, kó sì dẹ ìrìn padà nígbà tó bá dé ojú ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba àlìkámà jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, tí wọ́n sì mú àlìkámà kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ pátápátá, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń lé ẹgbẹ́ wọn bá láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Egungun ló ní agbára yìí. Nítòsí oríkèé ni ibi tí egungun ti ń gùn wà, àwọn ohun tíntìntín tó ń bí ara wọn níbẹ̀ sì ní iye ìgbà tí wọ́n lè bímọ kó tó rẹ̀ wọ́n. Ebi kò jẹ́ kí wọ́n ná an, nítorí náà ó ṣì wà nílẹ̀. Àwọn olùwádìí fi ehoro dán an wò: wọ́n fi oògùn dá ibi ìdàgbà egungun ẹsẹ̀ kan dúró, wọ́n sì fi ìkejì sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá oògùn náà dúró, èyí tó ti dúró tẹ́lẹ̀ nìkan ló sáré.

Àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ àlìkámà yẹn àti ọmọ tiwa. Ìdènà ti kúrò lọ́nà ti ẹni àkọ́kọ́, kò sì ní padà. Èkejì ń padà lọ sílé kan náà, sídìí oúnjẹ kan náà, omi kan náà àti ìgbẹ́ gbuuru kan náà. Àkókò náà kì í dúró deni. Bí ọmọ bá ti bàlágà, ibi tí egungun ti ń gùn bẹ̀rẹ̀ sí í dì nìyẹn. Kódà ìtọ́jú tó pọ̀ lójijì lè mú kó yára dì. Láàárín àwọn ọmọbìnrin Íńdíà tí wọ́n gbà tọ́ ní Súwídìn, àwọn olùwádìí rí i pé ọ̀pọ̀ wọn lé ẹgbẹ́ wọn bá dáadáa nígbà èwe, ṣùgbọ́n wọ́n tètè rí nǹkan oṣù wọn, gíga wọn sì tètè dúró.

Ibi tó wá ń bí wa nínú jù nìyí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kéde àṣeyọrí lè tan èèyàn jẹ. Ìpele ni wọ́n fi ń wọn bí gíga ọmọ ṣe jìnnà tó sí àárín gbùngbùn gíga ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ tó bá sì fi ìpele méjì kúrú sí i ni wọ́n máa ń kà mọ́ àwọn tó kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ. Ìpele kan kì í sì í dúró sójú kan, torí pé bí àwọn ọmọ ṣe ń dàgbà ni gíga wọn ń jìnnà síra. Ní ọdún méjì, ìpele kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 3. Tó bá di ọdún márùn-ún, ó ti lé ní 4 àbọ̀. Ẹ wá padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Ká ní kò lé sẹ̀ntímítà kan bá títí ó fi pé ọdún márùn-ún: àárín gbùngbùn ti di 110, òun wà ní 103. Sẹ̀ntímítà méje ṣì ni. Ṣùgbọ́n ààlà àwọn tó kúrú lọ́jọ́ orí yẹn jẹ́ 100.7, nítorí náà ó ti bọ́ lọ́wọ́ kíkúrú nínú ìwé. Wọ́n á kà á mọ́ àwọn tó ti lé ẹgbẹ́ wọn bá! Kò sẹ́ni tó purọ́. Òṣùwọ̀n ló gùn, ọmọ kò gùn tó ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí à ń bèèrè kò le. Kí gbogbo ètò tó bá ń tọ́jú ọmọ tí ebi pa máa wọn gíga rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta lẹ́yìn tó bá ti padà sílé, ó kéré tán títí yóò fi pé ọdún márùn-ún, kí owó rẹ̀ sì wà nínú ìṣúná láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí oúnjẹ àfikún má ṣe parí lọ́jọ́ tí ìwọ̀n bá pé, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni egungun nílò rẹ̀ jù. Oúnjẹ tó ní ẹyin, ẹja, ẹran tàbí mílíìkì ni kó jẹ́, kì í ṣe èyí tó kàn ń mú ọmọ sanra. Ìjọba tàbí àjọ yòówù tó bá fẹ́ sọ fún aráyé pé ọmọ báyìí báyìí ti jáde kúrò lára àwọn tó kúrú, kó tẹ iye sẹ̀ntímítà tó ṣẹ́ kù sí ojú ìwé kan náà, ní lẹ́tà tó tóbi bákan náà.