Nọ́ńbà Ni Wọ́n Tì Pa, Àkáǹtì Ṣì Wà Ní Ṣíṣí

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2025 tí WhatsApp ti kéde pé òun ti nọ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù 6.8 pa láàárín oṣù mẹ́fà, nítorí pé ọwọ́ àwọn gbájúẹ̀ ni wọ́n wà, ni àwọn kan ti ń yan bí ẹni tó pa ẹkùn. Ibùba gbájúẹ̀ kan wà nínú wọn ní Kàǹbódíà tó jẹ́ pé iṣẹ́ "fi láìkì sí fídíò TikTok kó o gbowó" gan-an ni wọ́n fi ń dẹ èèyàn. WhatsApp ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ́ ló ń gba owó. Àkáǹtì báńkì ló ń gbà á, a sì ti kọ ọ́ lójú ewé yìí títí tó fi sú àwa fúnra wa.

Ẹ ti mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀: àjèjì kan á kọ̀wé sí yín lórí WhatsApp pé iṣẹ́ wà. Bí owó ṣe ń rìn nínú rẹ̀ la fẹ́ kí àwọn aláṣẹ wò. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́jọ́ kìíní, ó fi láìkì sí fídíò mẹ́ta, dọ́là 5 wọlé fún un. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní iṣẹ́ tó kàn gba owó àsansílẹ̀. Ó san 20, wọ́n dá 26 padà. Ó san 100, wọ́n dá 130 padà. Ìgbà tọ́kàn rẹ̀ balẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ onípele mẹ́ta kalẹ̀ fún un, tí kò ní lè gba ohunkóhun jáde àfi tó bá parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó san 500, wọ́n béèrè 1,200, wọ́n tún béèrè 3,000. Wọn kì í sọ iye ìpele kejì kéèyàn tó san ti àkọ́kọ́. Ìkọ́ inú rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó ti san 500 ń bẹ̀rù pé bóun ò bá san 1,200, 500 ti wọmi. Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn ará gúrúùpù Telegram tí wọ́n fi í sí ń fi àwòrán owó tó wọlé fún wọn yangàn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ni kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ gbájúẹ̀ níbẹ̀.

Sàìtì tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní 6,110 ló wà fún un. Ẹni tó ni sàìtì ló tẹ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀, kò sówó kankan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó ní òun fẹ́ gbà á, wọ́n ní kó kọ́kọ́ san owó orí 1,222. Kò sí àmì tó ju èyí lọ: agbanisíṣẹ́ tòótọ́ máa ń yọ owó orí kúrò nínú owó òṣìṣẹ́ ni, kì í ní kó lọ mú owó mìíràn wá láti fi tú owó iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Dọ́là 41 ni wọ́n ná lórí obìnrin yìí kí wọ́n tó gba 4,700. Ẹ sì rò pé títi nọ́ńbà pa á dá ẹni tó ń jèrè báyìí dúró? Á ti gba nọ́ńbà mìíràn kílẹ̀ tó ṣú.

Àkáǹtì kò yá rí tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló ń fi orúkọ àti ìwé ẹ̀rí ara rẹ̀ ṣí i, tó wá fi háyà fún wọn. Báńkì sì lè rí i tó bá fẹ́ rí i: àkáǹtì tó ti ń sùn látọjọ́ yìí jí lójijì, àwọn àjèjì tí kò mọra ń sanwó sí i láti ibi gbogbo, owó náà kì í sì í lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kó tó di owó kírípítò. Kódà dọ́là 5 ọjọ́ kìíní lè jẹ́ owó ẹlòmíì tí wọ́n lù ní jìbìtì. Ìdí nìyẹn tí báńkì fi ń ti àkáǹtì ẹni tí wọ́n jà lólè pa nígbà mìíràn, tí ẹni tó fi tirẹ̀ háyà sì ń rìn fàlàlà.

Nílẹ̀ Bìrìtéènì, láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024, báńkì tó fi owó ránṣẹ́ àti èyí tó gbà á ló ń pín owó tí wọ́n máa dá padà fún ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì, ìdajì-ìdajì, kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 85,000 lọ. Òfin náà ní ihò: kò kan owó kírípítò, kò sì kan owó tó bá kọjá sílẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ó ti sọ báńkì tó ń gba owó di ẹni tọ́rọ̀ kàn, ohun tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn.

Dípò ìyẹn, kí la rí gbà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ tiwa? Ìkìlọ̀. Kí aráàlú ṣọ́ra, kí aráàlú lákíyèsí. Bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà kò gba ẹjọ́ irú iṣẹ́ yìí kankan lọ́dún 2020. Lọ́dún 2023 ó gba 5,000, ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2024 nìkan ó gba bí 20,000. Ṣé ìkìlọ̀ ló kù tí wọn ò tíì ṣe ni? Ẹni tí wọ́n jà lólè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n ní kó lọ sí báńkì. Báńkì ní kó lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Owó ti dé ìlú kẹta kí lẹ́tà tó jáde.

Wọ́n á ní àwọn báńkì ń ráhùn pé irú òfin bẹ́ẹ̀ máa ná àwọn lówó. Bẹ́ẹ̀ ni o, á ná wọn lówó. Ohun tá a fi ń béèrè fún un nìyẹn.