Kì í ṣe òótọ́ pé fíṣọ̀ kò ní ìlànà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ìròyìn ló gbà pé ìròyìn nìkan ló ní ìlànà. Wọ́n ní tó o bá ń kọ ìròyìn, kó o da pírámíìdì dojú dé, kí ohun tó wúwo jù lọ wà lókè pátápátá. Ṣùgbọ́n tó bá ti di fíṣọ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ ìtàn èèyàn tàbí ohun tó wà lẹ́yìn ìròyìn, wọ́n ní kó o kọ ọ́ bó ṣe wù ọ́, kó o sì fi kókó pamọ́ dé ìparí. Ọ̀rọ̀ kejì yìí kò tọ̀nà rárá, ó sì ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó lẹ́bùn jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí pírámíìdì adojúdé ń ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1865, wọ́n yìnbọn lu Ààrẹ Abraham Lincoln nínú gbọ̀ngàn tíátà kan ní Washington. Lawrence Gobright, akọ̀ròyìn Associated Press, fi wáyà ránṣẹ́ pé wọ́n yìnbọn lu Ààrẹ ní tíátà lálẹ́ yẹn, àti pé ó ṣeé ṣe kí ọgbẹ́ náà yọrí sí ikú. Gbólóhùn kan péré ni, síbẹ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ipò tí Ààrẹ wà, ẹni tí wọ́n fura sí, ohun táwọn tó jókòó nítòsí rí, gbogbo ìyẹn lè tẹ̀ lé e, kí èyí tó wúwo máa ṣáájú èyí tó fúyẹ́. Tí àyè kò bá tó lójú ewé, olóòtú á kàn máa gé e láti ìsàlẹ̀, ìròyìn náà kò sì ní bàjẹ́. (Àwọn kan ń sọ pé ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà àti wáyà tó ń já ló sọ ìlànà yìí di ti gbogbo ayé lójijì. Lẹ́yìn ogun náà, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra tẹ̀léra; ìgbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ń parí lọ ló tó gbilẹ̀.)

Ó wá kan fíṣọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1963, wọ́n pa Ààrẹ John F. Kennedy ní Dallas. Nígbà tí ìsìnkú fi máa wáyé lọ́jọ́ 25, kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́. Ògìdìgbó akọ̀ròyìn ló ń tẹ̀ lé pósí. Jimmy Breslin ti New York Herald Tribune ní tiẹ̀ kọ̀wé nípa ọkùnrin tó gbẹ́ sàréè náà, Clifton Pollard.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé: Pollard jí ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó wọ aṣọ iṣẹ́ káákì, ìyàwó rẹ̀ sì din ẹyin fún un. Ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá wọn ní ìtẹ́ òkú Arlington pè é pé kó wá kó tó di aago mọ́kànlá, àti pé ó ṣeé ṣe kó ti mọ ìdí rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni Breslin sọ fún wa pé Pollard parí oúnjẹ rẹ̀, ó sì jáde lọ gbẹ́ sàréè Kennedy.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìpínrọ̀ kejì kò tíì parí tí kókó fi jáde, a kò sì fi òùngbẹ ìdí ọ̀rọ̀ pa òǹkàwé. Ẹyin díndín yẹn gan-an kò ní wúlò ká ní kókó kò tètè dé, torí ẹni tó ń kàwé kò ní mọ ohun tí òun fẹ́ fi í ṣe.

Ẹ wá wo ìparí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Pollard kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn òkè ló wà, tó ń gbẹ́ sàréè mìíràn fún dọ́là 3.01 ní wákàtí kan, kò sì mọ ẹni tí wọ́n máa sin síbẹ̀. Tí olóòtú bá gé e láti ìsàlẹ̀ bíi ti ìròyìn Lincoln, ibi tó ń dunni jù lọ nínú iṣẹ́ náà ló gé dànù. Mo máa ń fi èyí dán fíṣọ̀ wò: mo máa ń bo ìpínrọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Tí nǹkan kan kò bá dín kù, ìròyìn lásán ni wọ́n da ewì sí lórí. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wá gbólóhùn tó sọ ìdí tá a fi ń ka ọ̀rọ̀ náà. Tí mi ò bá rí i títí dé ìpínrọ̀ kẹrin, òǹkọ̀wé náà ti sọnù sínú àpèjúwe oòrùn àti atẹ́gùn.

Ohun tó jẹ́ kí Breslin lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo ayé ti gbọ́ ikú Kennedy. Gobright kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi bá dojú dé láàárọ̀ yìí, táwọn mọ̀lẹ́bí ṣì ń wá èèyàn wọn, iye tó yè, orúkọ etíkun àti ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wọn lọ ló gbọ́dọ̀ wà lókè. Ìtàn ọkùnrin tó lúwẹ̀ẹ́ yọ ọmọ jáde lè dúró di ọjọ́ kẹta.