Fọ́tò ewé nìkan kò tó láti mọ ẹfinrin

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Abẹ́òkúta gbà pé bí fọ́tò ewé bá ti mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹni tó mọ ewé á wò ó lórí fóònù, á sì dárúkọ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ewé kan wà tí ojú nìkan tó fún, bí ewé ìbẹ́pẹ, torí ìrísí wọn dá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ewé tí à ń fi ṣe àgbo, àwọn kan jọra débi pé fọ́tò ò lè yà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹfinrin. Ìyá kan ní Ọbáńtọkò fi fọ́tò ewé kan tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ilé wọn ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù àdúgbò. Inú ń run ọmọ wọn, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹfinrin ni. Kíá ni àwọn èèyàn ti ń dáhùn pé òun ni, ẹ sè é. Ewé inú fọ́tò náà fẹ̀ nídìí, ó ṣẹnu ṣómúṣómú, etí rẹ̀ ní eyín bí ayùn, méjì-méjì ni wọ́n sì kọjú síra lára igi rẹ̀. Gbogbo ìyẹn bá ẹfinrin mu. Ó sì bá imí-eṣú mu, pàápàá nígbà tí kò tíì yọ òdòdó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Àwọn àgbà máa ń fún omi imí-eṣú sójú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n mímu rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó ní èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pirolisídíìnì, tó ń ba ẹ̀dọ̀ èèyàn jẹ́. Sísè lórí iná kò sọ pé ó ti kúrò nínú rẹ̀. Ní agbègbè Tìgírè ní Etiópíà, àìsàn ẹ̀dọ̀ mú àwọn ará abúlé, àwọn mìíràn sì kú, kí àwọn onímọ̀ tó tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ hóró imí-eṣú tó dàpọ̀ mọ́ ọkà tí wọ́n ń jẹ. Àìsàn yìí kì í hàn lọ́jọ́ tí èèyàn mu nǹkan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹnìkan fi lè sọ pé òun ti mu ún, kò sì sí nǹkan tó ṣe òun.

Mo bẹ ìyá náà pé kí wọ́n má tíì gbé e kaná, kí wọ́n padà sídìí ewé náà. Kí wọ́n fi ìka méjì yí ọ̀mùnú igi rẹ̀, lápá òkè níbi tó ṣì rọ̀. Tẹfinrin ní igun mẹ́rin, ìka á mọ̀ ọ́n. Timí-eṣú róbótó, irun funfun sì bò ó. (Ẹ má yẹ ìdí ẹfinrin tó ti gbó wò o, torí ó ti lè di igi róbótó.) Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi àtàǹpàkò run ewé kan, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní igi náà róbótó, ó nírun, òórùn òbúkọ ló sì ń rùn. Imí-eṣú ni.

Fọ́tò yẹn mọ́lẹ̀ kedere. Ohun tó ya ẹfinrin àti imí-eṣú sọ́tọ̀ ni ìka àti imú mọ̀, kò sì sí bí a ṣe máa fi ìyẹn ránṣẹ́. Fọ́tò kì í sọ bí ewé ṣe tóbi tó, bí wọ́n bá sì ti já a lára igi, a ò ní mọ bóyá méjì-méjì ló ń yọ.

Òórùn náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Gbogbo ẹfinrin kọ́ ló ń rùn bákan náà: òmíràn ta sánsán bíi kànáfùrù, òmíràn bíi táìmù inú ọbẹ̀. Ewé tó ti gbẹ kì í rùn tó tútù. Bí ẹ bá sì ti run ẹfinrin lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó run òmíràn, torí òórùn ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jà Ìtòkú, ẹ má fi igi kan ṣojú gbogbo ìdì. Ẹ tú u, kí ẹ wò ó níkọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì fi ahọ́n tọ́ ewé tí ẹ ò mọ̀.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ gé ẹ̀ka kan tó ní ewé àti òdòdó, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e títí tó fi gbẹ. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti já a àti bó ṣe ń rùn nígbà tó tútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá àwọn onímọ̀ ewéko ní Fúnáàbù, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Alábàtà. Òdòdó tẹfinrin máa ń tò lọ sókè lára ọ̀pá gígùn. Timí-eṣú máa ń ṣù jọ lórí, wúruwùru, aláwọ̀ àlùkò tàbí funfun.