-802 àti -890: èwo ló tọ̀nà fún jíjó mẹ́táànì?

"Mo fi entálípì ìdè ṣírò jíjó mólù mẹ́táànì kan, -802 kJ ni mo rí. Ìwé tó kọ -890 ló ṣàṣìṣe."

Ìwé náà kò ṣàṣìṣe. Ipò gáàsì nìkan ni entálípì ìdè wà fún, torí náà omi inú ìṣirò yín ṣì jẹ́ gáàsì. Omi olómi ni ti ìwé. Bí mólù omi kan bá di olómi, á tú 44 kJ sílẹ̀. Méjì á tú 88. Ẹ rò ó mọ́ 802.

Ohun tó ń fara sin jù nìyí: 413 kJ tí tábìlì entálípì ìdè kọ fún C–H, àròpín oríṣiríṣi mólékùlù ni. Nínú mẹ́táànì gan-an, àròpín náà tó 416; ìdè tó kọ́kọ́ já sì ń gba bí 439. Ìfojúdíwọ̀n ni ìdáhùn tó bá ti ibẹ̀ wá.

Ẹ fi entálípì ìṣẹ̀dá CO₂, omi olómi àti mẹ́táànì yẹ̀ ẹ́ wò: -394 - 572 + 75 = -891.